Iyanrìn Tí A Fi Ọkọ̀ Kó Ní Bantè

Iyanrìn ni mo fi gba oríyìn ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Kì í ṣe iyanrìn odò tí wọ́n fi ń kọ́lé o. Iyanrìn àgbàlá ni, èyí tí àwọn obìnrin Bantè ń gbá láàárọ̀ kí wọ́n tó dáná. Mo fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o, mo gbé e sórí ìwọ̀n, mo fi pín owó tí a ná, mo kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tó mọ́ tónítóní, ọ̀gá mi sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti kàwé dé yunifásítì. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìkàwé ló fà á.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó pàǹtí ló gbà mí síṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan wà ní Savalou, níbi tí ọ̀gá wa ti yá ọ́fíìsì sí òkè ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ta epo bẹntiróòlù. Ìkejì wà ní Bantè, ìlú tí wọ́n bí mi sí, ìyẹn ló sì wà lábẹ́ mi. Èmi ni n ó sọ àdúgbò tí ọkọ̀ máa gbà, ọjọ́ tó máa gbà á, iye ìgbà tó máa lọ da ẹrù nù láàárín ọjọ́ kan. Ní ìparí oṣù, èmi náà ni n ó ṣírò iye tí tọ́ọ̀nù pàǹtí kan ń ná wa. Àwọn tó gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ kò fẹ́ mọ ohun mìíràn. Bí owó tọ́ọ̀nù kan bá kéré, inú wọn á dùn. Bí ó bá pọ̀, wọn á kọ lẹ́tà. Ohun tó wà nínú tọ́ọ̀nù yẹn gan-an, wọn kò béèrè rí.

Ní ti ọ̀gá wa, bàtà funfun ló máa ń wọ̀ wá sí àkìtàn. Á dúró lókèèrè, á na ìka sí òkìtì, á sọ Faransé díẹ̀, á sì padà sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó tutù. Mi ò tíì rí i kó fọwọ́ kan agbọ̀n pàǹtí rí. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ti wà lórí ìwé, ojú rẹ̀ á là, á máa yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń ra ewúrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo ń jókòó sí, aago lọ́wọ́, ìwé lórí itan. Àgbàlagbà Mùsùlùmí ni awakọ̀ wa, ọmọ Savalou, tó ti wa ọkọ̀ àwọn oníkajú, àwọn tó ń ra kóró kaṣú, fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Mo ń kọ ìṣẹ́jú tí a fi ń dé ilé àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú tí àwọn akẹ́rù mẹ́ta fi ń da agbọ̀n kan sínú ọkọ̀, ìṣẹ́jú tí a fi ń dé àkìtàn lójú ọ̀nà Koko, èyí tí a fi ń dà á sílẹ̀, àti èyí tí a fi ń padà. Wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Epo rírà, táyà wíwò, ìrun àti oúnjẹ ń jẹ wákàtí kan níbẹ̀. Méje ló kù tí ọkọ̀ fi ń rìn.

Apá òkè ìlú, níbi tí àgbàlá ti fẹ̀ tí ọ̀nà sì gba ọkọ̀, wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni àlọ àti àbọ̀ kan ń gbà. Ìyẹn ni pé a lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Apá ọjà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà há, ọkọ̀ ò lè wọlé, àwọn akẹ́rù ní láti fi orí ru bàsíà láti inú kọ̀rọ̀ wá sójú títì. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì péré lójúmọ́ ni. Gbogbo èyí ni mo fi bírò aláràbarà yà sórí bébà ńlá kan. Mo fi ọjà sí Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Awakọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọjà Bantè ò mọ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tirẹ̀ ló ń kà. Òótọ́ ni. Ọjọ́ ọjà ń yí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin ní Bantè sì mọ̀ ọ́n. Èmi tí wọ́n gbé pọ̀n lọ sọ́jà yẹn ni mo ya àwòrán náà. Mo fa bébà ya, mo fi ọkọ̀ sí ọjọ́ kejì ọjà, níbi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú kọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lápá ọjà ni ìyá mi kékeré ń gbé, àbúrò ìyá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Gbodo ló ń tà. Á ra iṣu tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n sì ti sá gbẹ, lọ́wọ́ àwọn ará Koko àti Lougba nígbà tó bá pọ̀, á kó o sínú yàrá kan, á dúró títí òjò á fi dé tí gbodo á wọ́n, kó tó tú u tà. Owó ọdún kan gbáko ló máa ń wà nínú yàrá yẹn. Gbodo yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀yìn yàrá náà ni gọ́tà ọjà gbà kọjá, kó tó wọ inú ihò abẹ́ títì lọ sí odò. Bí ihò yẹn bá mọ́, kò sí wàhálà. Bí ó bá dí, yàrá ìyá mi kékeré ni omi máa kọ́kọ́ yà sí.

Ó ku owó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún fáràǹkì ni ọkọ̀ wa ń jẹ lójúmọ́: epo, owó awakọ̀ àti ti àwọn akẹ́rù, táyà, àtúnṣe, àti owó tí a ń yà sọ́tọ̀ nítorí pé ọkọ̀ ń gbó lójoojúmọ́. Ìbáà gbé òkúta, ìbáà gbé ìyẹ́ adìyẹ, iye yẹn náà ni. Mo wá lọ bẹ àwọn tó ń ra kajú kí wọ́n jẹ́ ká máa lo ìwọ̀n ńlá wọn, èyí tí ọkọ̀ ń gùn. Kò sí kajú nígbà náà, ìwọ̀n jókòó lásán. A ó gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, a ó da ẹrù nù, a ó tún gùn ún lófìfo, n ó yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Àwọn ẹlòmíràn ń fojú díwọ̀n ni. Èmi, mo ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń gbé àyà kiri nígbà náà.

Ní oṣù àkọ́kọ́, nọ́ńbà apá òkè ò dùn ún wò. Agbọ̀n wà lójú ilé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìdajì ni púpọ̀ nínú wọn. A ń dúró níwájú ọgbọ̀n ilé láti kó ohun tí agbọ̀n mẹ́wàá lè gbà. Àkókò ń lọ, epo ń lọ. Mo bá ṣe òfin kan, òfin tí ìwé kọ́ mi: agbọ̀n tí kò bá kún, a ò ní gbé e. Mo rán èèyàn káàkiri ilé láti kéde rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo agbọ̀n fi kún bámúbámú. Ẹrù ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù márùn-ún. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá àti díẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: tọ́ọ̀nù kan lápá òkè ń ná wa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fáràǹkì àti igba ó lé àádọ́ta. Apá ọjà ńkọ́? Ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, páálí. Ọkọ̀ á kún dé ẹnu, ìwọ̀n á sì ní tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì fáràǹkì.

Ọjọ́ tí mo fi ìwé náà han ọ̀gá ní Savalou ló bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn ará òkè ní pàǹtí tó báyìí. Èmi náà ò mọ̀. Awakọ̀ ló là mí lójú, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a dúró sí àkìtàn tí ọkọ̀ ń da ẹ̀yìn kalẹ̀. Eruku sọ, gbogbo wa bo imú.

Ó ní, “Màdáàmù, ilẹ̀ Bantè lẹ mà ń kó lọ yìí.”

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Òtítọ́ ni. Iyanrìn ni, iyanrìn pupa, ewé máńgòrò díẹ̀ nínú rẹ̀, bàtà rọ́bà kan. Kí ló tún lè jẹ́? Ní ìlú wa, èèpo iṣu ò dé inú agbọ̀n. Àgùntàn àti ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Ìgò ní olùrà, agolo ní olùrà. Ohun tó kù kò ju gbígbá ojúmọ́ lọ. Kò sí obìnrin tó máa jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá àgbàlá òun láìgbá, ìyàwó tí kò bá gbálẹ̀ ti gba orúkọ burúkú. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ń gbá ewé, ó sì ń gbá iyanrìn mọ́ ọn. Láyé ìyá mi, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ á di ilẹ̀ ọlọ́ràá, wọ́n á gbin tòmátì sí i. A dé, a ní kí wọ́n dà á sínú agbọ̀n. A tún ní agbọ̀n tí kò bá kún, a ò ní gbé e. Àwọn obìnrin ò fẹ́ ẹjọ́. Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n bu iyanrìn kún un.

Ẹ jẹ́ kí n parí èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn tó ń mọ bíríkì ti gbọ́ pé iyanrìn ń bẹ ní àkìtàn. Wọ́n ń gbé asẹ́ wá, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n sì ń gbé e padà wọ ìlú. A fi owó epo gbé e jáde ní àárọ̀, àwọn ẹlòmíràn fi owó epo gbé e wọlé ní ọ̀sán. Bí kò bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, kí ni ìbá tún jẹ́?

Mo sọ fún ọ̀gá. Ẹ má ṣe sọ pé mi ò sọ. Ó fi Faransé bi mí bóyá iyanrìn ò wúwo. Mo ní ó wúwo. Ó bi mí bóyá ìwé àdéhùn wa sọ pé ká má kó iyanrìn. Mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wá ni ìṣòro mi. Mo ká ìwé mi. Mo lè sọ pé ká máa ka iye ẹrù ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ dípò ìwúwo nìkan, pé ká ka iye ọjọ́ tí gọ́tà fi mọ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn náà ló sọ fún mi pé òun fẹ́ kó ọkọ̀ méjèèjì sábẹ́ mi, ti Savalou àti ti Bantè. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sanwó. Ọ̀nà tí tọ́ọ̀nù rẹ̀ bá wọ́n ju iye kan lọ, ká dá a dúró. Ọ̀nà ọjà nìkan ló wọ́n jù ú. Ọ̀gá ní kí n ya ètò tuntun, kí ọjọ́ ọjà di ti apá òkè. Mo yà á. Kò gbà mí tó wákàtí kan. Mo buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi kó lè gún.

Ìyá mi kékeré kì í pariwo. Lẹ́yìn ọjà kan tí ọkọ̀ ò wá, ó pè mí lórí fóònù, ó béèrè bóyá ọkọ̀ bàjẹ́. Mo ní ó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọjà kejì, ó tún pè, mo tún ní ó ń bọ̀. Irọ́ méjì, fún ẹni tó ta gbodo san owó ilé-ìwé mi. Òun àti àwọn obìnrin kọ̀rọ̀ náà mú ọkọ́, wọ́n wa ọ̀rá kúrò lẹ́nu ihò abẹ́ títì, wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjà tó tẹ̀lé e mú òmíràn wá, afẹ́fẹ́ sì gbé èyí tí wọ́n kó jọ padà sínú gọ́tà. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, òkìtì náà ti ga dé àyà mi.

Ó gbé àpótí fún mi jókòó, ó bu omi fún mi. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá àwọn ará ọjà ti ṣẹ ilé-iṣẹ́ wa. Kàkà kí n sọ òtítọ́ fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé owó tọ́ọ̀nù kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo ń sọ fún un pé ọ̀rá fúyẹ́ jù, pé owó tí a ń ná lórí rẹ̀ pọ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ọ títí mo fi dákẹ́.

Ó ní, “Ọmọ mi, èyí tó fúyẹ́ yẹn ló ń dí omi. Èyí tó wúwo tẹ́ ẹ ń kó, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan níbi tó wà.”

Obìnrin tí kò mọ ìwé kà fi gbólóhùn méjì tú ìwé mi palẹ̀. Mo dúpẹ́ omi, mo gun ọ̀kadà padà sílé. Mi ò yí ètò náà padà. Mo sọ fún ara mi pé òjò ò tíì sún mọ́, pé n ó bá ọ̀gá sọ ọ́ bí mo bá ti gba ipò tuntun náà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì yẹ kó tì mí.

Òjò ò dúró de ipò mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rọ̀, kò tilẹ̀ pẹ́. Omi ọjà sáré dé ẹnu ihò, ó bá ọ̀rá níbẹ̀, ó yà. Yàrá gbodo ló yà sí. Ìyá mi kékeré ti gbé àpò rẹ̀ sórí pákó, ṣùgbọ́n omi dé orúnkún, ó sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gbodo tó bá ti mu omi ti parí. Òun àti àwọn aládùúgbò sá a sórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn ń yọ, ó ń wọ̀. Ó wú, ó kan, ó bu, ó sì dúdú. Àwọn ewúrẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sì yà kúrò lọ́nà.

Ìgbà yẹn ló pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Kò béèrè bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ní gbodo ti jẹrà, òórùn rẹ̀ ń dé ilé àwọn èèyàn, kí n wá gbé e. Mo mú ọkọ̀ kúrò lápá òkè láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ ò bi mí ní ìbéèrè kan, ó kàn yí ọkọ̀ sọ́nà ọjà. Gbogbo kọ̀rọ̀ ló jáde bá àwọn akẹ́rù wa rù ú: gbodo tó mu omi, ẹrẹ̀ inú yàrá, ọ̀rá tí ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Nítorí ọwọ́ pọ̀, a lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, níbi tí a kì í ti ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ìyá mi kékeré ló ru bàsíà tó kẹ́yìn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lórí rẹ̀. Ó gbé e fún akẹ́rù lẹ́yìn ọkọ̀, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó wò mí lójú.

Ó ní, “Ṣé ó ti wúwo tó báyìí?”

Mo wọ ọkọ̀. A gun orí ìwọ̀n àwọn oníkajú, nítorí pé iṣẹ́ mi ni, mi ò sì mọ ohun mìíràn tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe. Tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Ti èkíní àti èkejì náà jẹ́ mẹ́fà mẹ́fà. Méjìdínlógún lápapọ̀. Mo fi pín ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún: ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáràǹkì fún tọ́ọ̀nù kan. Láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ wa ti ń kó pàǹtí, kò sí èyí tó dín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá pè mí láti Savalou nígbà tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀nà ọjà lè mú èrè wá bí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é, kí n dá a padà sínú ètò kíákíá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ fún un, mo sì sọ ẹni tó ni ín. Ó ní kí n má kọ ìyẹn sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọkọ̀ méjèèjì ti di tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Mo ní ẹ ṣé, Ọ̀gá.

Báyìí, ọjọ́ kejì gbogbo ọjà, ọkọ̀ wa ń dúró lẹ́nu kọ̀rọ̀ ìyá mi kékeré, kì í pẹ́ dé. Àwọn obìnrin yòókù ń gbé bàsíà wọn jáde. Ìyá mi kékeré ti ti yàrá gbodo pa, kò sí ohun tó ń tà mọ́, kò sì ní ohun tí yóò dà sínú ọkọ̀.